Bí a ṣe ń sọ ìwé kíláàsì nípa bakitéríà di àtẹ oríta

Bí olùkọ́ bá ń kọ́ni nípa bakitéríà, orúkọ ló máa ń ṣáájú: lágbájá rèé, bó ṣe rí rèé, àyẹ̀wò tó ń gbà rèé. Ẹni tó wà nídìí maikirosikóòpù kò ní orúkọ lọ́wọ́, èsì ló ní. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ròyìn Ọ̀fà àti Ọ̀mù-Àrán fún láìsọ oríta tí yóò ti yà. Torí náà, ìwé yẹn gbọ́dọ̀ yí padà di àtẹ oríta, níbi tí èsì àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ti ń sọ ọ̀nà tí a ó yà sí: kí àyẹ̀wò ṣáájú, kí orúkọ kẹ́yìn.

Ẹ to orúkọ sí apá òsì pépà, ẹ to àyẹ̀wò sókè, kí ẹ fi + tàbí − sí ibi tí wọ́n ti pàdé. Àyẹ̀wò tí gbogbo wọn jẹ́ + kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, ẹ fagi lé e. Èyí tó pín wọn sí méjì gedegbe, tí kò sì gba àkókò, ni kó jẹ́ oríta àkọ́kọ́. Ìbéèrè kan péré ni kí oríta kọ̀ọ̀kan bi.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn róbótó tó di elése àlùkò lẹ́yìn àyẹ̀wò Gíráàmù, èyí tó ń fi aró pín bakitéríà. Oríta kíní ni kátáléésì, ẹ́ńsáìmù tó ń mú pẹrọsáìdì hó: ẹ kán háídírójìn pẹrọsáìdì 3% sórí siláìdì, kí ẹ fi igi tín-ín-rín gbé kólónì, ìyẹn ìṣùpọ̀ bakitéríà tó hù, bọ̀ ọ́. Bó bá hó lójú ẹsẹ̀, ẹ yà sí ìhà Sitafilokókọ́ọ̀sì. Bí kò bá hó, ìhà Sitirẹputokókọ́ọ̀sì ni. Ẹ kọ ìkìlọ̀ sínú àpótí oríta náà gan-an: bí igi bá ha ágà ẹlẹ́jẹ̀ tí kólónì hù lé, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò hó. Pẹrọsáìdì tí oòrùn Ìlọrin ti pa kì í sì í hó mọ́, nítorí náà kí ẹ kọ́kọ́ fi Sitafilokókọ́ọ̀sì tí ẹ ti mọ̀ dán an wò.

Oríta kejì, koágúléésì, tó ń wò bóyá bakitéríà ń mú pilásímà, omi inú ẹ̀jẹ̀, dì, ló máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú. Pilásímà ehoro ni à ń po bakitéríà náà mọ́, ní 37°C. Ẹ wò ó ní wákàtí 4. Bó bá ti dì, Sitafilokókọ́ọ̀sì ọ́ríọ́ọ̀sì ni. Bí kò bá tíì dì, ọfà kò gbọdọ̀ lọ sí “rárá”. “Dúró di wákàtí 24” ló ń lọ. Ẹni tó bá sì wo wákàtí 24 nìkan lè pàdánù èyí tó ti dì tẹ́lẹ̀, torí ọ́ríọ́ọ̀sì mìíràn a máa tú ohun tó dì ká.

Ká ní ìtọ̀ obìnrin kan ló wá. Róbótó elése àlùkò, ó hó, pilásímà kò dì títí wákàtí 24. Oríta kẹta ni nofobáyósìn, oògùn apa-bakitéríà, máíkírógíráàmù 5: ibi mímọ́ tó yí oògùn náà ká, níbi tí bakitéríà kò ti hù, jẹ́ mìlímítà 10 péré, ìyẹn ni pé oògùn kò ràn án. Sitafilokókọ́ọ̀sì sapirofítíkọ́ọ̀sì ni àtẹ máa tọ́ka sí.

Ká ní oògùn ràn án ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àtẹ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ “ẹpidámídísì”, Sitafilokókọ́ọ̀sì mìíràn, síbẹ̀, àṣìṣe sì ni. Maikirokókọ́ọ̀sì, bakitéríà róbótó tí kì í ṣe Sitafilokókọ́ọ̀sì, náà ń gba ọ̀nà yẹn kọjá, ó ń hó, kì í mú pilásímà dì, nofobáyósìn sì ń ràn án. Ohun tó yẹ kí àpótí yẹn wí ni “ẹpidámídísì tàbí òmíràn, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò”.