Ìlà ni ebè oníṣirò owó

Ọ̀pọ̀ oníṣirò owó tó fẹ́ máa dá iṣẹ́ ṣe ló ń kọ ọ́ síta pé, "Gbogbo iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe." Oníṣòwò tó kà á kò mọ ohun tí wọn yóò gbé lé òun lọ́wọ́, kò mọ ọjọ́ tí yóò jẹ́, kò sì mọ iye tí òun yóò san. Ó ní òun á pè padà, kò sì ní pè mọ́.

Iṣẹ́ kì í di ọjà títí a ó fi rí ẹyọ tí a lè fi kà á. Àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ èyí tipẹ́. Wọn kì í bi alágbàṣe pé wákàtí mélòó ló lò lóko. Ebè ni wọ́n ń kà, igba ebè níye báyìí. Bí ilẹ̀ náà bá sì jẹ́ igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣán, owó ìṣánko ọ̀tọ̀, owó ebè ọ̀tọ̀.

Ìlà ni ebè oníṣirò owó. Ìgbàkígbà tí owó bá wọ àkáǹtì tàbí tó jáde níbẹ̀, ìlà kan nìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn èèyàn ṣe ń wo bí owó tó ń wọlé fún oníbàárà ṣe pọ̀ tó kí wọ́n tó dá iye lé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ lè pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù lóṣù, kí ìlà rẹ̀ má sì ju 15 lọ. Ìyá tó ń ta wàrà, ọṣẹ àti ṣúgà ní Bódìjà lè ní 300, kí púpọ̀ nínú wọn má tó ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Iṣẹ́ ìyá yìí ló máa gba àkókò.

Ká fi ṣọ́ọ̀bù ìyá náà ṣe àpẹẹrẹ. Kí a tó dárúkọ owó, a ó gba àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́ta, a ó ka ìlà inú rẹ̀. Ká ní a rí 240, 310 àti 260 nínú àkáǹtì méjì. A ó wá mú 50 nínú wọn, a ó ṣe é pẹ̀lú risíìtì wọn, a ó sì wo aago. Bí 50 bá gba wákàtí kan, 300 á gba mẹ́fà. Ìyẹ̀wò àti ìròyìn á gba bíi méjì sí i. Wákàtí mẹ́jọ yìí, ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ohun tí ìyá yóò gbọ́ ni pé àkáǹtì méjì, ìlà tí kò ju 300 lọ lóṣù, iye báyìí. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, 50 kọ̀ọ̀kan tó lé ní iye tirẹ̀.

Ohun tí yóò rí gbà lóṣooṣù ni ìwé èrè àti àdánù, orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, àti ìwé tó fi hàn pé ìwé ṣọ́ọ̀bù àti ti báǹkì bára mu. Ìwé ìkẹyìn yìí ni ẹ̀rí iṣẹ́. Oníbàárà fi káàdì san 20,000 náírà, báǹkì yọ 100, 19,900 ló wọlé. Ẹni tó bá kọ 19,900 sílẹ̀ bí owó ọjà ti fi owó báǹkì pamọ́ sábẹ́ ọjà. 20,000 ni ọjà, 100 sì jẹ́ ìnáwó. Bí ìwé méjèèjì kò bá dọ́gba níparí oṣù, tí 9 sì pín ìyàtọ̀ náà láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yí nọ́ńbà padà, kó kọ 450 dípò 540.

Ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ ní ààlà. Àkọsílẹ̀ báǹkì á dé ní ọjọ́ 5, oníṣirò á fi àwọn ìlà tí kò yé e ránṣẹ́ ní ọjọ́ 8, ìyá á dáhùn kó tó di ọjọ́ 10, ìròyìn á jáde ní ọjọ́ 14. Ìdí ni pé ní Nàìjíríà, ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e ni àkọsílẹ̀ owó orí ọjà gbọ́dọ̀ wọlé, fún oníṣòwò tí òfin náà kàn. Fífi í ránṣẹ́ kò sí nínú iye yìí, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àdéhùn.

Bí ìyá kò bá dáhùn ńkọ́? Àwọn ìlà náà á lọ sábẹ́ "owó tí a kò tíì mọ ìdí rẹ̀", ìròyìn á sì jáde lọ́jọ́ rẹ̀. Láìsí èyí, ìdákẹ́ oníbàárà yóò di ìjáfara oníṣirò. Bí abala náà bá sì ń wú sí i lóṣooṣù, ó ṣeé ṣe kí owó ilé àti owó ṣọ́ọ̀bù ti dàpọ̀. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún ilé ló kù.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sì máa ń wá pẹ̀lú oṣù mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ìṣánko nìyẹn. Ẹni tó bá rọ́ ọ mọ́ owó oṣooṣù yóò ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Oṣù kan ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe, kí ó gba owó rẹ̀, kó tó dá iye lé méje tó kù.