Bí ẹni tí kò yáwó rí ṣe ń ní máàkì lójú báńkì ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò jẹ gbèsè rí kì í ṣe ẹni rere lójú báńkì. Ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ni. Ọmọ ọdún 22 tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Tẹ́sáàsì, tí owó ilé rẹ̀ kì í pẹ́, lè lọ yá owó ọkọ̀ kí wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan kà nípa rẹ̀. Iléeṣẹ́ mẹ́ta, Equifax, Experian àti TransUnion, ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè. Inú àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń ṣírò máàkì, nọ́ńbà tí báńkì fi ń mọ̀ bóyá èèyàn máa ń san gbèsè dáadáa. Ìròyìn owó ilé kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kì í sì í ka owó oṣù mọ́ máàkì. Bó bá ti Nàìjíríà dé, àkọsílẹ̀ tó ní nílé kò bá a wọ bàálù.

Káàdì tí wọ́n ń fi owó ìdógò gbà ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò kó $200 fún báńkì, wọn yóò fún un ní káàdì tí kò lè ná ju $200 lọ. $200 tó kó sílẹ̀ kọ́ ló ń ná o; ohunkóhun tó bá fi káàdì rà, gbèsè ni, ó gbọ́dọ̀ san án. Kó tó gbà á, kó béèrè bóyá báńkì náà ń ròyìn fún iléeṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Káàdì kan wà tó jọ ọ́, tí èèyàn ń kówó sí kó tó ná an. Ìyẹn kì í kọ́ máàkì kankan.

Ọjọ́ méjì ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Ká ní báńkì ń ṣírò gbèsè oṣù ní ọjọ́ karùn-ún, tí ọjọ́ ìsanwó sì jẹ́ ọgbọ̀njọ́ oṣù náà. Ọmọ yìí fi $160 ra epo àti oúnjẹ. Bí $160 náà bá ṣì wà nílẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, òun ni báńkì sábà máa ń fi ránṣẹ́: ìdá 80 nínú 100 ohun tó lè ná. Ẹni tí owó há lọ́wọ́ nìyẹn lójú wọn, bó tilẹ̀ san gbogbo rẹ̀ kó tó di ọgbọ̀njọ́ oṣù. Ṣùgbọ́n bó bá san $150 ní ọjọ́ kẹta, $10 péré ni wọn yóò ròyìn. Yóò san $10 náà nígbà tó bá yẹ, kò sì ní sí èlé. Àwọn kan á ní kó fi díẹ̀ sílẹ̀ láìsan kí èlé lè gorí ẹ̀, pé ìyẹn ló ń gbé máàkì sókè. Irọ́ gbáà ni. Èlé kò sí nínú ìṣirò náà rárá.

Máàkì FICO, èyí tí ọ̀pọ̀ báńkì ń lò, kò lè jáde títí káàdì náà yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ìdá 35 nínú 100 rẹ̀ wá láti inú bó ṣe ń sanwó lásìkò. Bó bá fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́, báńkì lè bu owó ìtanràn lé e. Bó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀, àbàwọ́n yẹn sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún méje.

Lẹ́yìn oṣù méjì tó ti gba káàdì náà, kó wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní AnnualCreditReport.com. Bí káàdì náà kò bá sí lọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, báńkì ni kó kọ́kọ́ pè.