Pajápajá, oògùn amúnitọ̀, àti ohun tí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń sọ

Ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dókítà, bí pajápajá bá mú ẹni tó ń lo oògùn tánṣíọ̀n lóru, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ fún mi ní àárọ̀ ni pé pọ́tásíọ̀mù òun ti lọ sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ó ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ, tàbí kí ó ti bá ẹni tó ń ta oògùn lọ́jà sọ̀rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, ohun tí mo máa ń bẹ̀rù jù fún àwọn àgbàlagbà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí kì í ṣe pọ́tásíọ̀mù, bí kò ṣe sódíọ̀mù, èyí tó jẹ́ ara iyọ̀, nítorí pé sódíọ̀mù lè lọ sílẹ̀ gidigidi tí àwọn ará ilé yóò sì máa rò pé ọjọ́ orí ni ó ń da ìyá wọn láàmú.

Àwọn oògùn amúnitọ̀ tí mò ń sọ ni ìdílé tíásíìdì àti àwọn tó bá a tan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni idirokulorotíásíìdì, tí a sábà máa ń fún ènìyàn ní 12.5 mg tàbí 25 mg lóòjọ́; indapamíìdì tún wà, bẹ́ẹ̀ ni kilọtalidọ́ọ̀nì. Wọ́n dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kò wọ́n, wọ́n sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí náà n kò kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni lè jù wọ́n nù. Ìṣòro kan ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò wọ́n láìmọ̀, torí pé àwọn tó ṣe oògùn máa ń pò wọ́n pọ̀ mọ́ lọsatáànì tàbí oògùn mìíràn nínú hóró kan ṣoṣo. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí: orúkọ méjì ni yóò wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò sì parí sí tíásíìdì tàbí kí ó jẹ́ indapamíìdì tàbí kilọtalidọ́ọ̀nì.

Ibi tí oògùn yìí ti ń ṣiṣẹ́ ni apá tó sún mọ́ ìparí àwọn ọ̀pá tín-ín-rín inú kíndìnrín, níbi tí ara ti máa ń gba iyọ̀ padà kúrò nínú omi tó fẹ́ di ìtọ̀. Oògùn náà ti ilẹ̀kùn iyọ̀ níbẹ̀, iyọ̀ sì ń bá ìtọ̀ lọ, omi tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wálẹ̀. Iyọ̀ tí a kò gbà padà yìí yóò ṣàn dé ibi tó tún jìn díẹ̀ sí i, níbi tí kíndìnrín ti ń gbìyànjú láti mú díẹ̀ nínú sódíọ̀mù náà, tí ó sì ń fi pọ́tásíọ̀mù ṣe pàṣípààrọ̀. Bí pọ́tásíọ̀mù ṣe ń bá ìtọ̀ jáde nìyẹn, bí iye oògùn bá sì ṣe pọ̀ tó ni àdánù náà ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí a fi sá fún 50 mg tí wọ́n máa ń fúnni láyé àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ sódíọ̀mù yàtọ̀ díẹ̀, àṣìyé sì pọ̀ nípa rẹ̀. Ibi tí oògùn náà dí gan-an ni ibi tí kíndìnrín ti máa ń sọ ìtọ̀ di èyí tó ṣàn bí omi lásán, kí ó lè lé omi àpọ̀jù dànù. Nígbà tí ó bá dí, ẹni tó bá ń mu omi púpọ̀ kò ní lè tọ̀ ọ́ tán. Omi yóò dúró nínú ara, yóò sì là iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀ tí a bomi lé tí kò sì sí ẹni tó bu iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, sódíọ̀mù tó lọ sílẹ̀ lórí ìwé túmọ̀ sí pé omi ti pọ̀ ju iyọ̀ lọ, kì í ṣe pé iyọ̀ oúnjẹ nìkan ni kò tó. Àwọn tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù ni àwọn ìyá àgbà, pàápàá àwọn tí ara wọn fẹ́lẹ́, tí oúnjẹ wọn kò pọ̀, tí wọ́n sì ń mu omi lọ́pọ̀lọpọ̀ nítorí pé ẹnìkan ti sọ fún wọn pé omi ń fọ kíndìnrín.

Ẹ jẹ́ kí a mú irú ìyá bẹ́ẹ̀ kan. Ẹni ọdún 72 ni, abúlé kan nítòsí Kétu ni ó ń gbé, kò sì ju 46 kg lọ. Ó ti ń lo amilodipíìnì 10 mg, ṣùgbọ́n tánṣíọ̀n rẹ̀ ṣì wà ní 168 lórí 92, nítorí náà wọ́n fi idirokulorotíásíìdì 25 mg kún un. Wọ́n tún kìlọ̀ fún un pé kó yé jẹ iyọ̀, ó sì gba ìkìlọ̀ náà débi pé kò fi iyọ̀ kankan sí ọbẹ̀ mọ́, ó ń jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, ó sì ń mu omi ní gbogbo ìgbà. Wọn kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, pajápajá bẹ̀rẹ̀ sí mú un ní ẹsẹ̀ lóru. Ọmọ rẹ̀ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èébì ń gbé e, orí rẹ̀ wúwo, ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bó bá ń rìn, ó sì ń fi orúkọ ọmọ kan pe òmíràn.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, àyẹ̀wò tí a béèrè ni èyí tí àwọn ilé àyẹ̀wò wa ń pè ní iyonogíràmù, pẹ̀lú kireatiníìnì. Lórí ìwé náà, ìlà Na ni sódíọ̀mù, ìlà K ni pọ́tásíọ̀mù. Sódíọ̀mù yẹ kó wà láàárín 135 sí 145 mmol/L. Tirẹ̀ jẹ́ 122. Pọ́tásíọ̀mù yẹ kó wà láàárín 3.5 sí 5.0, tirẹ̀ jẹ́ 3.1. Kireatiníìnì, tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, dára. Ẹni tó bá ń wá pọ́tásíọ̀mù nìkan yóò rí 3.1, yóò sì rò pé òun ti rí olè náà, nígbà tó jẹ́ pé pọ́tásíọ̀mù tó dín bẹ́ẹ̀ kì í da iyè ènìyàn rú. 122 ni ó ń bá ọpọlọ rẹ̀ jà, torí pé nígbà tí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ bá là, omi máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, yóò sì mú kó wú.

Irú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń tọ́jú nílé. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Pọ́bẹ̀. Wọ́n dá oògùn amúnitọ̀ náà dúró, wọ́n dín omi mímu rẹ̀ kù, wọ́n sì fún un ní pọ́tásíọ̀mù lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Bí gìrì bá ti mú un ni, wọn ì bá ti fa omi iyọ̀ tó le sí i lára ní kíákíá. Ohun tí àwọn ẹbí kò mọ̀, tí wọ́n sì máa ń bínú sí, ni pé a kì í sáré gbé sódíọ̀mù sókè. Bí ó bá fò sókè ju nǹkan bí 8 sí 10 mmol/L lọ láàárín wákàtí 24, ó lè ba ọpọlọ jẹ́ lọ́nà tí kò ní àtúnṣe. Pọ́tásíọ̀mù tí a fúnni pàápàá máa ń gbé sódíọ̀mù sókè, bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí oògùn náà bá tán lára, kíndìnrín lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí tú omi jáde. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra: ó di 128 ní ọjọ́ kejì, ó sì di 134 ní ọjọ́ kẹrin, ìyá sì tún mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọn kò dá tíásíìdì padà fún un mọ́, nítorí ẹni tí ó bá ṣe báyìí lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn kó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Lọsatáànì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Pajápajá ńkọ́? Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ pé òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lo oògùn kankan ni ó ń mú lóru, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tó ń lo tíásíìdì tí pajápajá ń mú tí Na àti K wọn sì dára pátápátá. Bí ìrora ẹsẹ̀ bá jẹ́ ti ìgbà tí ènìyàn ń rìn nìkan, tó ń dẹwọ́ bó bá dúró, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò. Ohun tó ń sọ pé pọ́tásíọ̀mù ti dín gan-an, lábẹ́ 3.0, ni pé kí itan àti apá di aláìlágbára, kí ìgbẹ́ má lè jáde, tàbí kí àyà máa já ní ségesège. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn tí à ń pè ní digọsíìnì kò gbọ́dọ̀ dúró títí di ìgbà yẹn rárá.

Ẹ má sì ra hóró pọ́tásíọ̀mù fúnra yín. Bí ẹ bá tún ń lo lọsatáànì tàbí lisinopíríìlì, tí kíndìnrín kò sì dára tó, pọ́tásíọ̀mù lè gòkè débi tí yóò dá ọkàn dúró. Bí ó bá sì ń lọ sílẹ̀ léraléra láìka hóró tí dókítà fúnni sí, ẹ bi í léèrè nípa mànyẹsíọ̀mù, torí pé bí ìyẹn bá dín, kíndìnrín kò ní lè di pọ́tásíọ̀mù mú.

Ní ti ìgbà tí à ń ṣe àyẹ̀wò: kí a tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, lẹ́yìn náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí a bá yí iye oògùn padà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró déédéé, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan tó. Fún irú ìyá tí mo ṣàpèjúwe, èmi a máa béèrè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kò pọn dandan kí ẹ gbààwẹ̀ nítorí Na àti K, ẹ má sì dá oògùn yín dúró ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí bí ara yín ṣe rí lórí oògùn ni a fẹ́ mọ̀.

Bí wọ́n ṣe gba ẹ̀jẹ̀ náà tún ṣe pàtàkì, pàápàá fún K. Pọ́tásíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ju ti omi ẹ̀jẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀, nítorí náà bí sẹ́ẹ̀lì bá bẹ́ nínú ìgò, iye tó wà lórí ìwé yóò ga lásán. Bí wọ́n bá so rọ́bà mọ́ apá fún ìgbà pípẹ́ tí wọ́n sì ní kí ẹ máa di ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ léraléra, tàbí bí ìgò náà bá gun alùpùpù sẹmijáànì láti abúlé títí dé ìlú, tàbí tí wọ́n fi í sínú fìríìjì kí wọ́n tó ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, pọ́tásíọ̀mù 3.0 lè jáde bí 4.2, a ó sì fọwọ́ sọ̀yà láìnídìí. Bí ilé àyẹ̀wò bá kọ ọ́ pé omi ẹ̀jẹ̀ náà pọ́n, ẹ tún un ṣe.

Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tún máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti kíákíá. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá mú yín, ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú yín ní ọjọ́ náà gan-an kí ó sọ bóyá kí ẹ dá tíásíìdì dúró títí ẹ ó fi máa jẹun tí ẹ ó sì máa mu dáadáa. Ẹ tún sọ fún un bí ẹ bá ń lo oògùn ìbànújẹ́ ọkàn, kabamasepíìnì fún wárápá, tàbí ibupurofẹ́ẹ̀nì fún oríkèé ríro, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè fa sódíọ̀mù wálẹ̀ sí i. Bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí bá sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ, tàbí tó ṣubú láìsí ìdí, tàbí tí gìrì mú un, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e wá, pẹ̀lú páálí gbogbo oògùn tó ń lò lọ́wọ́.