Àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn “in”, “on” àti “at” nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

“In”, “on” àti “at” ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn mẹ́ta tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù lọ láti sọ ibi tí nǹkan wà àti ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n máa ń da àwọn tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí wọn láàmú, nítorí pé “ní” kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: “ní ọdún 1960”, “ní ọjọ́ Ajé”, “ní aago méje”. Níbi tí Yorùbá bá ti fẹ́ ìyàtọ̀ tí ó ṣe kedere, ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó ń fi kún “ní”, pàápàá orúkọ ẹ̀yà ara bí “inú” àti “orí”, tí a fi ń ní “nínú” àti “lórí”.

Ìgbà

“At” wà fún àkókò tí a kà sí ojúkò kan, bí “at seven o'clock” àti “at noon”. “On” ni ti ọjọ́, ìbáà jẹ́ “on Monday” tàbí “on 1 October”. “In” sì ni ti àkókò tí ó gùn ju ọjọ́ lọ, bí oṣù, ọdún àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: “in October”, “in 1960”, “in the dry season”.

Inú ọjọ́ kan ṣoṣo ni òfin yìí ti ń yẹ̀. Wọ́n ń sọ “in the morning”, “in the afternoon” àti “in the evening”, ṣùgbọ́n “at night” ni wọ́n ń sọ fún òru. Bí orúkọ ọjọ́ bá ti wọ̀ ọ́, “on” ló gba ipò náà: “on Monday morning”, “on Friday night”. “In the night” kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n òru kan pàtó ni ó sábà máa ń tọ́ka sí, bí ẹni tí ó ní ọmọ òun sunkún lóru àná: “The baby cried in the night”. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóru ni “at night” ń sọ: “Owls hunt at night”. Bákan náà, “at Christmas” jẹ́ gbogbo àsìkò ọdún Kérésìmesì, nígbà tí “on Christmas Day” jẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ níhìn-ín ni fífi atọ́kùn síbi tí kò yẹ kí ó wà. Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ pé “ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá”, ọ̀pọ̀ ń kọ “in last week”. Bí “last”, “next”, “this” tàbí “every” bá ti ṣáájú, Gẹ̀ẹ́sì kì í lo ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: “She came last week”.

Ibi

Ojú tí olùsọ fi wo ibi náà ni ó ń pinnu. Ibi tí a kàn tọ́ka sí ń gba “at”, ohun tí ó ní orí tàbí ojú pẹrẹsẹ ń gba “on”, ohun tí ó yí nǹkan ká ń gba “in”. Ẹ wo gbólóhùn yìí nípa òmìnira Nàìjíríà: “The flag went up at midnight on 1 October 1960, at the Race Course in Lagos.” Ọ̀gànjọ́ jẹ́ ojúkò, nítorí náà ó gba “at”. “On” ni ti ọjọ́, kò sì sí “in” ṣáájú 1960 nítorí pé ọdún náà ti di ara ọjọ́ tí a dá. A wo pápá ìṣeré gẹ́gẹ́ bí ibi ìpàdé, ìlú sì gbà á sínú. Bí a bá fẹ́ dárúkọ erékùṣù tí pápá náà wà, “on Lagos Island” ni a ó sọ, nítorí pé “on” ni a sábà máa ń lò fún erékùṣù, àyàfi èyí tí ó jẹ́ orílẹ̀-èdè, bí “in Cuba”.

Ti ọkọ̀ ni ó gba ìrántí jù. “In a car” àti “in a taxi” ni, ṣùgbọ́n “on a bus”, “on a train” àti “on a plane”. Àwọn olùkọ́ kan ń ṣàlàyé pé “on” wà fún ọkọ̀ tí ènìyàn lè dìde dúró nínú rẹ̀. Àlàyé náà wúlò, àmọ́ kò kárí: a kì í lè nàró nínú dáńfó, síbẹ̀ bọ́ọ̀sì ni, bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ náà ń gba “on” nítorí pé a ń gùn wọ́n ni.

Ìyàtọ̀ láàárín Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà

Gẹ̀ẹ́sì Bìrìtìkó, tí ilé-ìwé Nàìjíríà jogún, ń lo “at the weekend”, Amẹ́ríkà ń lo “on the weekend”. Fún aláìsàn tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù, “in hospital” ni ti Bìrìtìkó, “in the hospital” ni ti Amẹ́ríkà.