Bí iye abọ́ oúnjẹ ṣe ń tú àṣírí ìwé ìtọrọ owó

Ìbéèrè: Wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé ìtọrọ owó ìrànwọ́ wò nílùú wa lápá Gúúsù Kwara. Àlàyé iṣẹ́ máa ń yé mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ojú ewé owó, gbogbo rẹ̀ a dàrú mọ́ mi lójú. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí kò bá iṣẹ́ mu?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ṣí ojú ewé owó rárá. Ẹ ka àlàyé iṣẹ́ tán, kí ẹ wá mú bírò, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: iye èèyàn, iye ọjọ́, ibi tí wọn yóò ti ṣe é, àti iye oṣù tí iṣẹ́ yóò gbà. Àwọn ni ẹ ó máa fi wọn ìlà owó kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti orí owó bẹ̀rẹ̀, iye ńláńlá ni ojú rẹ̀ máa ń lọ bá, bẹ́ẹ̀ àwọn ìlà kéékèèké ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà.

Ká ní ẹgbẹ́ obìnrin tó ń yan gààrí ní Òmù-Àrán ló kọ̀wé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ obìnrin 60 níṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, nínú gbọ̀ngàn tí ìlú yọ̀ǹda fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn yóò sì ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Oṣù mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá dé ìlà oúnjẹ ọ̀sán: abọ́ 450, ₦2,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye owó abọ́ kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bá jiyàn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, iye abọ́ ni kí ẹ kà. Obìnrin 60 lọ́jọ́ mẹ́ta, abọ́ 180 ni. Bí ẹ tilẹ̀ fi oúnjẹ àwọn olùkọ́ kún un, kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ kọjá 200. Ẹ wá pín 450 sí ọ̀nà mẹ́ta, èèyàn 150 ló jáde. Ẹni tó ṣírò owó yìí ń ro èèyàn 150 lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé inú ìwé àtijọ́ ló ti dà á kọ, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n dín iye èèyàn kù lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò owó tán. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, abọ́ 270 tó lé lórí 180 jẹ́ ₦675,000.

Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan báyìí, ẹ tún fojú ṣọ́ àwọn tó kù dáadáa. Owó háyà gbọ̀ngàn wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Òtẹ́ẹ̀lì ní Ìlọrin wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé Òmù-Àrán ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti máa wáyé. Owó oṣù akọ̀wé owó jẹ́ oṣù 12, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ìlà tí n kò bá rí iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ló burú nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Owó tí bánkì ń yọ, owó ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò, àti ìdá kan nínú owó ilé tí ọ́fíìsì wà, gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n ń sìn pa pọ̀. Ẹ kàn wò ó bóyá ẹni tó fẹ́ fún wọn lówó ti sọ ibi tí irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ìlà tó yẹ kó kọ yín lóminú ni èyí tó jẹ́ “oríṣiríṣi”, tó ní iye kan gbàǹgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sì sí àlàyé kankan.

Ẹ tún gba òdìkejì wò, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kì í ṣe é. Wọ́n ní àwọn yóò ra ẹ̀rọ. Owó dísẹ́ẹ̀lì dà? Owó pèpéle sìmẹ́ǹtì tí ẹ̀rọ yóò jókòó lé dà? Owó mẹkáníìkì tó máa tò ó ńkọ́? Bí kò bá sí ọ̀kankan, tí wọn ò sì sọ ibòmíràn tí owó rẹ̀ yóò ti wá, ẹ̀rọ náà lè wà nínú pálí rẹ̀ títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé.

Ìbéèrè: Mi ò fẹ́ pe ẹnikẹ́ni lólè. Kí ni kí n kọ sí wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè: “Ẹ kọ obìnrin 60 fún ọjọ́ mẹ́ta sínú àlàyé iṣẹ́, ẹ sì kọ abọ́ oúnjẹ 450 sínú ètò owó. Ẹ jọ̀wọ́, báwo lẹ ṣe ṣírò rẹ̀?” Kò sí ẹ̀sùn nínú ìyẹn. Bí wọ́n bá dín abọ́ kù, tí àròpọ̀ owó náà sì wálẹ̀, àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ obìnrin 60 di 150 kó lè bá abọ́ mu, ẹ yára wo owó ọkọ̀ àti owó ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí ti èèyàn 60 bá ṣì ni wọ́n, èèyàn 150 náà kò sí níbì kankan àyàfi nínú ìlà oúnjẹ.