Owó inú létà iṣẹ́ kọ́ ló ń wọ akáùntì o

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, èèyàn mẹ́ta ló ti fi létà iṣẹ́ méjì méjì ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo wọn ń bi mí, "Mà, èwo ni kí n gbà?" Tí n bá ní kí wọ́n sọ iye tó máa kù sí wọn lọ́wọ́ lóṣù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀kan ti gbé létà méjèèjì lọ bá wòlíì kó tó wá sọ́dọ̀ mi. Èmi náà ń gbàdúrà o, ṣùgbọ́n ìṣirò ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ríran ẹ̀ fún yín.

Ọmọbìnrin kan nínú wọn ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ l'Ọ́gbà. Iléeṣẹ́ kan ní Àílàǹdì ní àwọn máa san ₦330,000 lóṣù, èyí tó wà n'Íkẹjà ní ₦270,000. Inú ẹ̀ ti ń dùn, "₦60,000 ló fi lé mà!" Mo ní kó ka létà Àílàǹdì yẹn sókè sí mi létí. Bó ṣe kà á débi tí wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sí nísàlẹ̀ ló dákẹ́: pẹ́ńṣàn tí iléeṣẹ́ máa san fún un wà nínú ₦330,000 yẹn.

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí. Òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8 nínú 100, kí agbanisíṣẹ́ san ó kéré tán 10, lórí bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀. Àwọn kan á wá ka 10 tiwọn mọ́ owó oṣù yín kí létà lè tóbi lójú. Owó oṣù tòótọ́ ní Àílàǹdì, ₦300,000 ni. Ti Ìkẹjà, wọ́n á san ₦27,000 tiwọn lọ́tọ̀ lórí ₦270,000.

Ó yá, ẹ yọ ìdá 8 kúrò, kẹ́ ẹ tó yọ owó orí. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026 ò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ìdá 15 ni lórí mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e, mílíọ̀nù 9 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn di ìdá 18. (Ẹni tó ń san rẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ á rí ìdá 20 rẹ́ǹtì ẹ̀ yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò ó, kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ.) Fún ọmọbìnrin yìí, Àílàǹdì di ₦243,820, Ìkẹjà di ₦221,140. ₦60,000 ti di ₦22,680 nìyẹn, a ò tíì wọ ọkọ̀ o.

Ó fúnra ẹ̀ ló wọ danfó lọ wò ó láàárọ̀ Monday, mo ní kó má fi Sunday díwọ̀n. ₦4,400 ni àlọ àtàbọ̀ sí Àílàǹdì, ₦1,200 sí Ìkẹjà. Lọ́jọ́ 22 lóṣù, ₦96,800 àti ₦26,400. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́: ₦147,020 ní Àílàǹdì, ₦194,740 n'Íkẹjà. Mi ò tíì ka wákàtí mẹ́rin tí gòsúlóò máa jẹ lójúmọ́ o. Bọ́nọ́ọ̀sì oṣù kẹtàlá tí wọ́n kàn fẹnu sọ, odo ni mo máa ń kọ síwájú ẹ̀, àfi tó bá wà nínú létà.

Ṣùgbọ́n Ìkẹjà yẹn náà, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó kọ́kọ́ wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó bi í bóyá alẹ́ẹ̀tì RSA ẹ̀, ìyẹn àkáùntì pẹ́ńṣàn ẹ̀, ń wọlé lóṣooṣù. Òfin fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tó bá ti san owó oṣù kó fi pẹ́ńṣàn ránṣẹ́. Ọkùnrin kan tó jẹ́ oníbàárà mi níjọ́sí, ọdún mẹ́rin gbáko ni péésílíìpù ẹ̀ fi ń yọ ìdá 8, kò sóṣù tí wọ́n fo. Ìgbà tó fẹ́ kúrò ló tó lọ gba sítétímẹ́ǹtì RSA ẹ̀. Ó gbé e wá sí ọ́fíìsì mi, a jọ fi ìka kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, oṣù mọ́kànlá péré la bá níbẹ̀. Oṣù 37 ni wọ́n yọ lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò dé ibì kankan, tiwọn tó yẹ kí wọ́n fi lé e ò sì sí. A ti kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn. Fáìlì ẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí.