Aṣọ àti ẹwà nínú orúkọ kan ṣoṣo

Ká ní ẹni tó ń ta àǹkárá àti léèsì ní Balógun fẹ́ kí "aṣọ" àti "ẹwà" jọ wà nínú orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n pátákó ẹnu ọ̀nà kò gba orúkọ gígùn. Àfi kó pa méjèèjì pọ̀.

Yorùbá ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́: bí fáwẹ̀lì méjì bá forí kanra, ọ̀kan a pa ìkejì jẹ. "Ra ẹja" di "rẹja". Níhìn-ín, ọ tó parí "aṣọ" ló pàdé ẹ tó bẹ̀rẹ̀ "ẹwà". Ohùn àárín ni méjèèjì, nítorí náà èyíkéyìí tó bá lọ, ohùn ọ̀rọ̀ náà kò ní yí. Èwo ni kó lọ?

Bí ọ bá lọ, a ní Aṣẹwà. Ó dùn lẹ́nu, ó tiẹ̀ dà bí ẹni tó ń ṣe ẹwà. Pátákó ló máa tú u fó. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán pátákó l'Ékòó kì í kọ àmì, orúkọ orí Instagram náà kì í gbà á, nítorí náà `asewa` ló máa kù. Ẹni tí kò mọ̀dí á kà á sí asẹ̀wà, ẹni tó ń se ẹ̀wà. Aláṣọ wá di ẹni tí wọ́n ń bi pé ṣé ti aganyin wà. Tí èèyàn bá gbé "sh" wọ̀ ọ́ kí wọ́n má baà rò ó sí ẹ̀wà, `ashewa` ló dà, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí aṣẹ́wó létí ẹni tó ń gbọ́ ọ nínú ariwo dánfó.

Bí ẹ ló bá lọ, Aṣọwà ni. Bí wọ́n bá kà á láìsí àmì, "aṣọ wà" tàbí "aṣọ wa" ni wọ́n máa rí, kò sì sí aláṣọ tí ìkankan nínú méjèèjì máa dùn. Òótọ́ ni pé ẹwà ti fara pamọ́ díẹ̀. Lójú tèmi, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì la fi ń dán an wò. Ẹ kọ ọ́ sí bébà láìsí àmì, kí ẹni márùn-ún tí kò gbọ́ ọ rí kà á sókè, kí ẹni tí kì í ṣe Yorùbá wà nínú wọn. Ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹlòmíì lórí fóònù láti ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ dárúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, kó kọ ohun tó gbọ́. Bí àwọn kan bá kọ `asowa`, tí àwọn kan kọ `ashowa`, ẹ yan ọ̀kan fún pátákó, kí ẹ sì fi orúkọ méjèèjì pamọ́ sórí Instagram.

Méjèèjì náà lẹ máa wá lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, nítorí pé wọ́n lè má gba orúkọ tó jọ ti ẹni tó ti wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, 60 ọjọ́ ni wọ́n fi ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀ kó tó parí ìforúkọsílẹ̀.